Lẹ́tà A Méjì àti Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan

Ọkùnrin mẹ́ta ló ti fẹ́ràn Aasiyah dénú kó tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì yí ẹ̀yìn padà nígbà tó la ẹnu sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn. AS ni, ara oní-AS sì le bíi ti gbogbo èèyàn. Àfi tó bá lọ fẹ́ AS ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyọnu dé, torí pé ní gbogbo ìgbà tí oyún bá dúró, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ inú rẹ̀ á jẹ́ SS. Méjì nínú àwọn ọkùnrin yẹn jẹ́ AS bíi tirẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ AA, kò sí ohun tí ì bá ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló fárígá pé kò sí ohun tó ń jẹ́ S tó máa wọ ìdílé òun.

Aasiyah ò bínú sí wọn. Ó mọ ohun tí SS jẹ́. Zikrullah, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, SS ni. Ó mọ bí ọmọkùnrin náà ṣe máa ń ká ẹsẹ̀ jọ bí ìrora bá wọ inú eegun rẹ̀, tí kò ní lè sunkún mọ́, tí yóò kàn máa mí bí ajá tó sáré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó kú, nínú oṣù ọyẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì kan nílé ìwòsàn, Aasiyah sì ni ó ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ náà tutù. Láti ọjọ́ náà ni Alhaja Ìdíátù, ìyá wọn, ti sọ ọ́ di òfin nínú ilé wọn ní Egan, ní Èkó: "Ẹni tí kì í bá ṣe AA, kó má tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi."

Ní ilé ìtẹ̀wé kan nítòsí Gowon Estate ni Aasiyah ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń to káàdì ìgbéyàwó lórí kọ̀ǹpútà, kó tó lọ sórí ẹ̀rọ. Orúkọ ìyàwó, orúkọ ọkọ, ọjọ́, ibi tí wọn yóò ti jẹun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Mojísọ́lá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mojísọ́lá ló sọ ọ́ di dandan fún un kó wọ áàpù kan tí àwọn Mùsùlùmí fi ń wá ọkọ àti aya.

Ohun tí Aasiyah kọ́kọ́ kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀ rárá: *AS ni mí. AA nìkan ni mò ń wá.* Oṣù méjì kọjá, èèyàn méjì péré ló kọ̀wé sí i, ọ̀kan nínú wọn sì ń bi í bóyá ó lè bá òun ṣe káàdì ìsọmọlórúkọ ní ẹ̀dínwó.

Mojísọ́lá gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó pòṣé.

"Aasiyah, ta ló ń fi ìwé àyẹ̀wò kí èèyàn lójú ọ̀nà? Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé ná, jàre."

"Wọ́n á wọlé tán, wọ́n á tún jáde. Ó ti sú mi."

"Fi emójì sọ ọ́. Ẹni tó bá máa yé á yé e. Ẹni tí kò bá yé á béèrè."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, nítorí ojú ti ń ti Aasiyah. Ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Dípò rẹ̀ ó fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan síbẹ̀, ó fi àmì máàkì aláwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, ó wá fi ẹyẹlé funfun kan parí rẹ̀: 🩸✅🕊️. Lọ́kàn tirẹ̀, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ náà ni. Ẹ̀jẹ̀ àti máàkì ń wí pé: mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, mo mọ ibi tí mo dúró, bi mí. Ẹyẹlé ni Zikrullah.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin mẹ́rìnlá kọ̀wé sí i.

Òun àti Mojísọ́lá á wá jókòó nígbà oúnjẹ ọ̀sán, wọn á máa fi ìka ti ọkùnrin sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹni tí wọ́n bá tì sọ́tùn-ún, ó wù wọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá lọ sósì ti lọ. Ọkùnrin kan fi òrùka sí tirẹ̀. Aasiyah ní, "Ó ti níyàwó nílé, ó ń wá ìkejì." Mojísọ́lá ní rárá, ó ń sọ pé ìgbéyàwó lòun bá wá ni, kì í ṣe eré. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n tì í sósì. Òmíràn fi ewé sí tirẹ̀, àwọn méjèèjì pariwo pé amugbó ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí ọkùnrin náà tó wá tẹ ìwé ìpolówó ní ṣọ́ọ̀bù wọn: oúnjẹ adìyẹ àti irúgbìn ẹ̀fọ́ ló ń tà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò sí èyí tó ronú nínú wọn pé bí àwọn ṣe ń ṣi àwọn ẹlòmíì kà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnì kan níbòmíì ń ṣi àwọn kà.

Nínú oṣù karùn-ún ni Abdulganiyy jáde sójú fóònù. Ọkùnrin dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀rín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó kọ ò ní ọ̀rọ̀ kan nínú: 🅰️🅰️🩸💪🏾🪟.

Aasiyah gbé fóònù náà sún mọ́jú. Lẹ́tà A méjì, pupa, tí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé, tí apá tó le tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀.

"AA ni!" Mojísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ó kọ ọ́ gàdàgbà. Ó ń wí pé, ẹ̀jẹ̀ mi le!"

"Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn o."

"Bíi kí ni?"

Aasiyah ò fẹ́ fi ọkàn lásán gbà á. Ó lọ wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni: àwọn ará Japan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe lẹ́tà aláwọ̀ pupa yẹn, wọ́n sì ṣe é fún ẹ̀jẹ̀ gan-an, torí pé níbẹ̀ àwọn èèyàn máa ń fi irú ẹ̀jẹ̀ wọn sọ ìwà ara wọn. Orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé ni *irú ẹ̀jẹ̀ A*. Aasiyah kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ara rẹ̀ balẹ̀. Kò dúró rò ó pé irú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí jẹ́nótáìpù, àti pé ẹni tó ń tẹ emójì kì í ka ìwé kó tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ọkàn bá ti ń fẹ́, ojú á bá a rí i.

Ó ti Abdulganiyy sọ́tùn-ún.

Ilé ìjẹun kan ní Ìkọ̀tún ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ara wọn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Abdulganiyy ti débẹ̀ ṣáájú. Àmì gígé wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta.

"Fèrèsé tó wà nínú profáìlì yín," Aasiyah bẹ̀rẹ̀, "mo rò pé ẹ̀ ń sọ pé ẹni tó ṣí ọkàn sílẹ̀ ni yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ojú. "Fèrèsé ni mò ń ṣe! Àlùmíníọ́ọ̀mù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ mi ni mo kọ síbẹ̀ o, kì í ṣe ìwà mi."

"Ah! Ẹ má bínú."

"Èmi náà rí ẹyẹlé yín, mo ní ọmọ jẹ́jẹ́ nìyí, kò ní máa pariwo mọ́ èèyàn."

Ẹ̀rín Aasiyah dúró. Ó sọ fún un pé àbúrò òun tó kú ni ẹyẹlé náà. Ọkùnrin náà fi síbí sílẹ̀.

"Ọlọ́run á forí jìn ín. Àìsàn ni?"

"Àìsàn ni."

Ó yẹ kó sọ irú àìsàn tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Abdulganiyy ti rọ̀ débi pé kò fẹ́ kí ojú náà le. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé sínú ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyókù tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni gbogbo ẹ̀?"

"Òótọ́ ni. Èmi kì í purọ́ sórí ayélujára."

"Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn náà?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ gan-an ló jóòótọ́ jù!" Ó na apá. "Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á ní ó dáa, kò sí wàhálà. Tiyín náà ńkọ́? Mo rí i pé ẹ máàkì ẹ̀."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti pẹ́. Mo mọ ohun tí mo jẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Abdulganiyy wí, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Aasiyah rí mímí yẹn. Ó túmọ̀ rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀: ó ti mọ̀ pé AS ni mí, kò sì bà á lẹ́rù, torí AA lòun. Bó ṣe di pé ó fẹ́ràn rẹ̀ kí oúnjẹ tó tán nìyẹn.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi fẹ́ra. Tí Abdulganiyy bá ní fèrèsé tó máa gbé lọ sí Gowon Estate, á yà ní ilé ìtẹ̀wé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú eruku irin lórí irun, á ní, "Mo kàn ní kí n rí yín ni." Nígbà tó yá, "yín" di "ẹ". Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn fèrèsé, ó ní ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan á gé e lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ikọ́ ń yọ Aasiyah lẹ́nu, ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná láti Ìkọ̀tún wá fún un, ó sì jókòó títí Aasiyah fi jẹ ẹ́ tán. Aasiyah wò ó, ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí èyí náà lọ.

Ìyá rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ṣé o ti bi í?"

"Mo ti bi í, Màámi."

"Kí ló ní òun jẹ́?"

"AA ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí nǹkan kan. Kò tíì gbọ́ lẹ́tà méjèèjì yẹn láti ẹnu Abdulganiyy rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló pinnu láti béèrè tààrà, lórí iṣẹ́, bó ṣe ń to orúkọ ọkọ àti ìyàwó ẹlòmíì. Á gbé fóònù, á kọ *Ṣé AA ni ẹ́?*, á tún pa á rẹ́. Bí èèyàn bá ti fẹ́ ọkùnrin ní oṣù mẹ́fà, ṣé irú ìbéèrè tó ń béèrè nìyẹn? Á rò pé mi ò fọkàn tán òun. Ó sá ti wà nínú profáìlì rẹ̀.

Bàbá Nùrẹ́nì, ẹ̀gbọ́n bàbá Abdulganiyy, ló kó ẹbí wá sí Egan. Àgbàlagbà onísùúrù ni, ará Ọ̀yọ́. Alhaja Ìdíátù gbà wọ́n tẹ̀yẹ, ó sì fẹ́ràn ọmọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀, títí débi pé ó pè é ní "ọkọ mi". Wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Aasiyah fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to káàdì tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n lọ rí Alfa mọ́sálásí, Alfa ní, "Ẹ lọ mú èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù wá, ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ò so yìgì láìrí ìwé." Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ yìgì.

Abdulganiyy rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò le. Ọ̀kan wà tó dáa nínú wa, ó ti parí."

Ẹ̀rín náà dùn mọ́ Aasiyah. Ó rò pé Abdulganiyy ń sọ nípa ara rẹ̀.

Ibi àyẹ̀wò kan ní Igando ni wọ́n lọ. Obìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí wọ́n wọlé, kò sì na ìwé sí wọn bó ṣe ń na án sí àwọn tó ń dúró níta. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"A mọ̀," ni àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú obìnrin náà dàrú. Ó gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. *Aasiyah: AS.* *Abdulganiyy: AS.*

Abdulganiyy ló kọ́kọ́ gbé ìwé, ìwé Aasiyah ló sì gbé, kì í ṣe tirẹ̀.

"Wọ́n ti gbé tìẹ fún ẹlòmíì," ó wí.

"Tèmi kọ́. Tìẹ ni wọ́n ṣì gbé." Aasiyah gbé ìwé kejì. "AA ni ẹ́."

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti mọ̀ láti sẹ́kọ́ńdírì pé AS ni mí. Ìwọ lo jẹ́ AA."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ rí!"

"O kọ ọ́! Ẹ̀jẹ̀, o sì máàkì ẹ̀. Ó ń wí pé ẹ̀jẹ̀ ẹ dáa. Kí ló tún lè túmọ̀ sí?"

Aasiyah ṣí fóònù rẹ̀, ó na profáìlì Abdulganiyy sí i lójú. "Èyí ńkọ́? A méjì! Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀!"

Abdulganiyy wò ó bí ẹni tí kò mọ fọ́tò ara rẹ̀.

"Orúkọ mi nìyẹn," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Abdulganiyy Àkànó. Ohun tí mo kọ sára ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, *A.A. Àlùmíníọ́ọ̀mù*. Ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára mi fún Bàbá Nùrẹ́nì nígbà tí ọkọ̀ gbá wọn, láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ lọ́dọọdún. Òun ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Bóyá àìsàn wà níbẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo jẹ́nótáìpù fún mi."

"O mọ̀ pé AS ni ẹ́, o ò sọ fún mi."

"Mo rò pé kò kan ọ̀rọ̀. Tí ìwọ bá jẹ́ AA, kí ni S kan tèmi máa ṣe? Kò sí. Torí náà ni mo fi dákẹ́." Ó jókòó. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò sọ?"

Aasiyah fẹ́ sọ pé òun ti sọ. Ó wo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, ó wo máàkì, fún ìgbà àkọ́kọ́ ó sì rí i bí àjèjì ṣe máa rí i. Kò tíì sọ nǹkankan rí.

Wọ́n lọ ṣe òmíràn ní ibi àyẹ̀wò kan ní Command, torí pé àyẹ̀wò máa ń ṣì nígbà míì. Èsì kan náà ni.

Alhaja Ìdíátù ò pariwo nígbà tó gbọ́. Ìyẹn ló bani lẹ́rù jù. Ó ní, "O sọ fún mi pé o bi í."

"Mo rò pé mo bi í, Màámi. Ó wà nínú profáìlì rẹ̀, èmi náà sì kọ tèmi."

"Fi èyí tí o kọ hàn mí."

Fóònù Aasiyah wà ní yàrá, ó ń gba iná. Ó fi èyí tó kọ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti ń lò láti ìgbà tí bàbá wọn wà láyé. Alhaja Ìdíátù fi awò sójú, ó wò ó pẹ́.

"Àpótí òfìfo ni mo rí. Wọ́n fi ìlà gba inú ẹ̀ kọjá."

Aasiyah gba fóònù náà. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ náà ti gbó ju emójì náà lọ, kò mọ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀. Àpótí kékeré kan ló wà níbẹ̀, máàkì sì dúró gbọnyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹkún gbé e.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Nùrẹ́nì tún wá, òun àti Abdulganiyy. Ó dọ̀bálẹ̀ tàgbàtàgbà.

"Alhaja, mo bẹ̀ yín. Àwọn ọmọ yìí ò tan ara wọn. Wọ́n ṣi ara wọn gbọ́ ni. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sì ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wọn."

"Ìdá mẹ́ta wo, Bàbá? Kì í ṣe pé tí wọ́n bá bí mẹ́rin, ọ̀kan á ṣàìsàn, mẹ́ta á yè. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀. Ó lè má kan ẹnikẹ́ni. Ó sì lè kan gbogbo wọn."

"Màámi," Abdulganiyy wí, "àwọn dókítà ní ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà yẹ ọmọ wò kó tó wọ inú ìyá."

"Ṣé o lágbára ẹ̀?"

Abdulganiyy tẹ orí ba. "Nísinsìnyí, rárá. Ṣùgbọ́n bí ò bá ṣeé ṣe, a ò ní bímọ. Mo gbà. Èmi àti ẹ̀, ó tó mi."

Alhaja Ìdíátù wò ó, ìfẹ́ tó ní sí ọmọkùnrin náà ò sì kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì máa lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe Aasiyah sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lórí ẹní.

"Jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ẹ kú pẹ̀lú ẹ̀."

"Kí ni, Màámi?"

"A mọ̀."

Aasiyah ò lóye.

"Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣáájú yìgì wa, nọ́ọ̀sì kan yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ó pè wá sí yàrá, ó sọ fún wa, kò fi bò rárá. AS àti AS. Bàbá ẹ ní, 'Ìdíátù, Ọlọ́run ló ń ṣe ọmọ.' Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a bí ẹ, tí ara ẹ le, mo ní ẹ rí i, nọ́ọ̀sì yẹn ò mọ nǹkankan." Ó fi etí ìborùn nu imú. "Ìgbà tí Zikrullah pé oṣù mẹ́sàn-án, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ojú bàbá ẹ dáadáa mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún. A ń sùn nínú ilé kan náà. Ìfẹ́ náà kú ṣáájú ọmọ."

"Màámi..."

"Ọmọkùnrin yìí ní òun ò ní bímọ. Ó jẹ́ ẹni ọdún mélòó? Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n? Tó bá di ogójì, tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n á wo ikùn ẹ. Lọ́jọ́ kan oyún á dúró, ẹ ò ní lè ṣẹ́ ẹ, ẹ ó sì máa kà á lórí ìka. Mi ò ní bá ẹ pinnu mọ́, Aasiyah. Mi ò ní sọ pé má lọ. Tí o bá fẹ́ lọ, lọ, mo máa bá yín ṣe yìgì. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ pé o ò mọ̀."

Tí ìyá rẹ̀ bá ti kọ̀ fún un, ì bá ti bá a jà. Ó ti múra ìjà náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó fẹ́ fọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó ń ro Abdulganiyy, ó ń ro ọmọ kan tí kò tíì sí, tó ní ẹ̀rín tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ká ẹsẹ̀ jọ.

Ọjọ́ karùn-ún ló lọ sí Ìkọ̀tún. Abdulganiyy ń gé irin, nígbà tó rí i ó pa ẹ̀rọ. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

"Má sọ ọ́ ná," ó wí. "Jẹ́ kí n fọwọ́."

Ó lọ fọwọ́, ó padà wá, ó fi àga fún un. Wọ́n jókòó láàárín àwọn fèrèsé tí kò tíì ní gíláàsì.

"Mi ò lè ṣe é, Abdulganiyy."

"Mo ní a ò ní bímọ."

"O máa fẹ́ bímọ. Èmi náà máa fẹ́. Mo ti ń fẹ́ ẹ báyìí."

Abdulganiyy sún mọ́ ọn. "Ká ní o bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, màá sọ fún ẹ. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà ò bi mí."

"Mo bẹ̀rù pé o máa lọ."

"Èmi náà."

"Tí a bá ti bi ara wa, ìyẹn ì bá ti parí sórí oúnjẹ yẹn," ó wí. "Ọ̀sán kan péré. Ǹ bá má mọ̀ ẹ́. Mi ò tilẹ̀ mọ èyí tó sàn."

Aasiyah di ọwọ́ rẹ̀ tó ní àmì gígé mú. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Abdulganiyy dìde, ó ní òun ń lọ kírun, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe sí níbẹ̀ mọ́ tí òun bá dé, torí òun ò ní lè dágbére fún un lẹ́ẹ̀mejì. Aasiyah lọ. Lọ́nà ilé, obìnrin kan nínú ọkọ̀ bi í bóyá ẹni rẹ̀ kan kú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ìpè wọlé, Aasiyah sì mọ nọ́ńbà náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ," Abdulganiyy wí. "Wọ́n fẹ́ so yìgì mi lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Hamdalah ló ń jẹ́. Ọmọ Ìbàdàn."

"Ṣé..."

"AA ni. Mo rí ìwé ẹ̀ kí n tó mọ orúkọ bàbá ẹ̀."

"Alhamdulillah," Aasiyah wí, ó sì wá láti inú rẹ̀ wá. "Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

"Èèyàn dáadáa ni."

Kò bi í síwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, Mojísọ́lá ń gbé káàdì ìgbéyàwó kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ń kà wọ́n.

"Ìwọ ńkọ́?" Abdulganiyy bi í. "Ṣé o ti rí ẹnì kan?"

"Rárá o."

Aasiyah ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Abdulganiyy náà ń gbọ́ tirẹ̀. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ mọ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tó pa fóònù, títí owó orí fóònù Abdulganiyy fi tán, tí ìlà náà já fúnra rẹ̀.